Aago Ọlọ́gbọ́n Tí Kò Mọ Fóònù Rẹ̀ Mọ́ Lẹ́yìn Ìmúdójúìwọ̀n

Aago ọlọ́gbọ́n, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sìmáàtì-wọ́ọ̀ṣì, jẹ́ aago ọrùn ọwọ́ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ pọ̀ nípasẹ̀ búlútúùtù. Ìpè tó bá wọ fóònù á dún lára aago, iye ìgbésẹ̀ tí ẹni tó wọ aago bá rìn á sì lọ sínú fóònù. Nígbà mìíràn, ìsopọ̀ yìí máa ń já lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá gba ìmúdójúìwọ̀n. Aago Galaxy Watch ti ilé iṣẹ́ Samsung ni àyọkà yìí gbé yẹ̀ wò, láti Galaxy Watch4 tó jáde ní 2021, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Wear OS.

Ohun tó so aago mọ́ fóònù kì í ṣe ìgbì inú afẹ́fẹ́ nìkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé, àwọn méjèèjì á jọ ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan tó gùn tó bíìtì 128, oníkálukú á sì tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí pé wọ́n tún ń béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ olówó wọn. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni fóònù fi ń mọ̀ pé aago yìí ni, kì í ṣe òmíràn tó kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí ìmúdójúìwọ̀n bá da ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà rú ní ẹ̀gbẹ́ kan, orúkọ aago á ṣì hàn lójú fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò ní wọ̀ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí onílé bá pààrọ̀ àgádágodo láì sọ fún ayálégbé: kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ni kò ṣí.

Kí Android 16 tó jáde ní 2025, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, fóònù máa ń fúnra rẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀ tuntun. Ìyẹn rọrùn fún olówó fóònù, àmọ́ ó léwu, nítorí ẹ̀rọ olè tó bá díbọ́n bí aago náà lè gba ibẹ̀ wọlé. Láti Android 16, fóònù á gé ìsopọ̀ náà, á di kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ mú, á sì sọ lójú sikíríìnì pé kí olówó rẹ̀ tún wọn so pọ̀. Ẹlòmíràn á rí ìkéde yẹn, á rò pé aago ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Fóònù ń ṣọ́ra ni.

Kì í ṣe gbogbo ìjá ni ti kọ́kọ́rọ́, ó sì yẹ kéèyàn mọ èyí tó jẹ́ kó tó pa ohunkóhun rẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń dá wọn mọ̀ ni ojú ìwé `Bluetooth` nínú `Settings` fóònù. Bí ibẹ̀ bá sọ pé aago ti so pọ̀, tí áàpù `Galaxy Wearable` sì ń sọ pé kò sí ìsopọ̀, áàpù ló ní ẹjọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà rẹ̀ ti gbó ju ti aago lọ, tàbí pé àṣẹ `Nearby devices`, tí Android ń béèrè láti ẹ̀dà 12, ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ orúkọ aago níbẹ̀, tó gbìyànjú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó sì padà sípò, tí pípa méjèèjì kí wọ́n sì tún wọn tàn kò sì yí i padà, kọ́kọ́rọ́ ni kéèyàn fura sí. Bí aago bá sì wà lórí ipò ọkọ̀ òfuurufú, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ti sáré nu aago tán kó tó rí àmì ọkọ̀ òfuurufú lójú rẹ̀ ti ṣe wàhálà lásán.

Ká mú ẹnì kan tó ní Galaxy Watch5 àti fóònù Samsung. Fóònù gba ìmúdójúìwọ̀n lóru; nígbà tó jí, aago kò gba ìpè mọ́. Ó pa méjèèjì, ó tàn wọ́n. Ó wo áàpù, ó rí i pé ẹ̀dà rẹ̀ tuntun ni, àṣẹ rẹ̀ sì pé. Ó tẹ orúkọ aago ní ojú ìwé `Bluetooth`, ó gbìyànjú, ó jákulẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti kan kọ́kọ́rọ́ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ gbàgbé ara wọn.

Fóònù ló kọ́kọ́ mú. Ó yọ aago kúrò nínú `Galaxy Wearable`, ó lọ sí `Bluetooth`, ó tẹ àmì ètò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aago, ó sì yan `Unpair`. Lórí fóònù ilé iṣẹ́ mìíràn, `Forget` ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí, tí wọ́n á sì máa bú aago pé kò yọjú nígbà tí wọ́n ń wá a. Aago kò mọ̀ pé wọ́n ti lé òun kúrò. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀, fóònù yẹn ló sì ń retí. Nítorí náà, ó gbé aago sórí ṣájà, ó wọ `Settings`, ó wọ `General`, ó tẹ `Reset`. Èyí á nu gbogbo ohun inú aago, á sì dá a padà sí bó ṣe wà nígbà tó ti ilé iṣẹ́ jáde.

Ìpàdánù wà níbẹ̀. Ìgbésẹ̀, oorun àti lílù ọkàn tó ti kọjá sínú `Samsung Health` lórí fóònù kò ní parẹ́. Èyí tí aago kọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìsopọ̀ já ni kò ní padà wá. Káàdì báǹkì tó bá wà lórí aago náà á di èyí tí wọ́n tún máa fi síbẹ̀ lọ́tun.

Lẹ́yìn náà, ó pa fóònù, ó tàn án, ó ṣí `Galaxy Wearable`, ó sì jẹ́ kó wá aago. Nọ́ńbà mẹ́fà kan á hàn lójú aago àti lójú fóònù. Ọ̀pọ̀ ń tẹ `OK` láì wò ó, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yẹn ni ẹ̀rí pé kò sí ẹ̀rọ kẹta láàárín wọn. Bí wọ́n bá bára mu, kí ó gbà. Bí wọn kò bá bára mu, kí ó kọ̀ ọ́, kó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Kí àwọn méjèèjì wà nítòsí ara wọn títí iṣẹ́ á fi parí.

Bí ìsopọ̀ bá tún já lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kì í sábà jẹ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́. Fóònù ló sábà máa ń pa `Galaxy Wearable` lábẹ́lẹ̀ láti fi bátìrì pamọ́, torí ìmúdójúìwọ̀n lè dá ètò bátìrì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lórí Samsung, abẹ́ `Battery` ni wọ́n ti ń rí `Background usage limits`, níbi tí wọ́n á ti fi `Galaxy Wearable` sára àwọn áàpù tí kò gbọ́dọ̀ sùn. Lórí àwọn Tecno àti Infinix tó kún ọjà Nàìjíríà, ó tún yẹ kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù láyè láti máa tan ara rẹ̀. Ti iPhone ní tirẹ̀ kò gba ìtúnṣe kankan: láti Galaxy Watch4 ni Samsung kò ti jẹ́ kí aago rẹ̀ bá a ṣiṣẹ́ mọ́.