Ìtàn Pressure Advance àti Nọ́ńbà K

Ẹni tó bá ń wá nọ́ńbà K fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D Prusa MK3 yóò rí 30 níbì kan, yóò rí 0.05 níbòmíràn, fún ike PLA kan náà. Méjèèjì ló tọ̀nà. Ọdún tí wọ́n kọ wọ́n ló yàtọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni pé okùn ike máa ń fún pọ̀ lẹ́yìn ẹnu ẹ̀rọ nígbà tí eré bá pọ̀. Bí ẹnu náà bá dẹ eré ní igun, ìfúnpá tó ti wà nílẹ̀ kò tíì tán, ike á ṣì máa jáde, igun á sì wú. Ojútùú rẹ̀ ni kí mọ́tò ti okùn síwájú díẹ̀ bí eré ṣe ń pọ̀ sí i, kó sì fà á padà bó ṣe ń dín. K ló ń sọ iye ìtìsíwájú náà.

Sailfish ti ní irú èyí tí wọ́n ń pè ní JKN Advance. Marlin àtijọ́ náà ní ADVANCE, èyí tó gbára lé òfin Bernoulli: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìtìsíwájú á di ìlọ́po mẹ́rin. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi máa jiyàn lé èyí lórí mọ́. Òfin Bernoulli wà fún ohun tó ń ṣàn láìní ìdènà, ike yíyọ́ sì ki bí oyin. Ní 2016, LIN_ADVANCE wọ Marlin, ó sì so ìtìsíwájú mọ́ eré ní tààràtà. Ó sún mọ́ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike máa ń rọ̀ sí i bó bá ń sáré.

Ní 2018 ni ẹ̀yà 1.5 ti LIN_ADVANCE dé, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ nọ́ńbà ti wá. K wá di ìwọ̀n mìlímítà okùn fún eré mìlímítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí okùn bá ń wọlé ní mìlímítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá, K 0.05 yóò tì í síwájú ní 0.2. Nígbà tí Prusa gba ẹ̀yà yìí sínú 3.9.0, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ ka K tó bá tó 10 sí ti àtijọ́, kó sì yí i padà fúnra rẹ̀.

Klipper, iṣẹ́ Kevin O'Connor, tó ń pe ìtìsíwájú yìí ní Pressure Advance, kì í fi ọ̀ràn wíwá nọ́ńbà sílẹ̀ fún àbá. A ó tẹ ilé gogoro onígun mẹ́rin, nọ́ńbà á sì máa ga bó ṣe ń ga:

```
SET_VELOCITY_LIMIT SQUARE_CORNER_VELOCITY=1 ACCEL=500
TUNING_TOWER COMMAND=SET_PRESSURE_ADVANCE PARAMETER=ADVANCE START=0 FACTOR=.005
```

Ìsàlẹ̀ yóò ní igun wíwú. Lókè, igun á tẹ̀ wọnú, ìlà á sì wú níbi tó ti ń gbéra lẹ́yìn igun: ìyẹn ti pọ̀ jù. Bí igun bá mú jù lọ ní gíga mìlímítà 8.4, 8.4 × 0.005 jẹ́ 0.042. Bí mọ́tò bá jìnnà sí ẹnu, tí okùn ń gba inú páìpù, .020 ni kí FACTOR jẹ́.

Láti 2022, X1 ti Bambu Lab ń fi lésà wo ìlà, ó sì ń yan nọ́ńbà fúnra rẹ̀.