Ìlànà Ìwé Ìforúkọsílẹ̀ fún Ìpàdé: Kí Nọ́ńbà Fóònù Lè Ṣeé Kà

Ẹyọ òǹkà 11 ni ó wà nínú nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà, 0 sì ni àkọ́kọ́. Nítorí náà, dípò ìlà gbọọrọ, ẹ ya àpótí kékeré 11 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tẹ 0 sínú èyí àkọ́kọ́. Ẹ fi àlàfo pín wọn sí mẹ́rin, mẹ́ta àti mẹ́rin.

Bí ẹnì kan bá kọ 0803 124 567, àpótí ìkẹyìn yóò ṣófo, òṣìṣẹ́ yóò sì rí i kí onítọ̀hún tó kúrò níbẹ̀.

Àmọ́ àpótí kò lè fi 1 tí ó jọ 7 hàn. Kí ẹni náà pe nọ́ńbà rẹ̀ láìwo ìwé, kí òṣìṣẹ́ máa fi ojú bá a lọ.