Ìwé ẹ̀rí ìsinmi àìsàn

Ìwé ẹ̀rí ìsinmi àìsàn ni ìwé tí dókítà máa ń kọ láti sọ fún agbanisíṣẹ́ pé ara òṣìṣẹ́ kan kò le tó láti ṣiṣẹ́ fún iye ọjọ́ kan. Ní Nàìjíríà, ẹskiúsì diútì ni àwọn òṣìṣẹ́ sábà ń pè é. Ohun tí agbanisíṣẹ́ nílò nínú rẹ̀ kò pọ̀: ẹni tí kò lè wá, ọjọ́ tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, àti dókítà tó jẹ́rìí sí i. Orúkọ àìsàn kò sí lára wọn.

== Ohun tí òfin sọ ==

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún nígbà tí àìsàn bá dá a dúró, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá ti jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rí ni òfin náà béèrè. Kò ní kí a dárúkọ àìsàn.

Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ọ̀rọ̀ nípa ìlera aláìsàn, ìtọ́jú rẹ̀ àti ìgbà tí ó lò ní ilé ìwòsàn. Lára ohun tó lè mú kí wọ́n tú u síta ni kí aláìsàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé gbà bẹ́ẹ̀, kí ilé ẹjọ́ tàbí òfin pàṣẹ rẹ̀, tàbí kí pípa á mọ́ jẹ́ ewu ńlá fún ìlera ará ìlú. Ìbéèrè ọ̀gá iṣẹ́ nìkan kò sí lára wọn.

== Bí a ṣe ń kọ ọ́ ==

Àpẹẹrẹ kan ni ti akọ̀wé ọ́fíìsì kan tí oyún wálẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2025, ó sì padà sílé ní ọjọ́ 5. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ pé òun lóyún. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń fi kọ irú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ohun tí yóò sọ nìyí:

''"Mo jẹ́rìí pé arábìnrin tí orúkọ rẹ̀ wà lókè yìí gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa. Nítorí àìsàn, ara rẹ̀ kò le tó láti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ 3 títí dé ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2025. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 17."''

Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni èyí. Ọjọ́ 5, tí dókítà kọ ìwé náà gan-an, ni yóò fi sí i, kì í ṣe ọjọ́ 3. Ìwé tí a fi ọjọ́ àná sí máa ń mú kí a fura. Orúkọ dókítà, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e.

Bí dókítà bá fi kún un pé kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo, ẹni tó bá kà á lè fura sí oyún. Akọ̀wé kì í gbé ẹrù, nítorí náà kò sí ìdí láti kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ alágbàṣe ni, ìkìlọ̀ náà pọn dandan, ó sì yẹ kí dókítà jẹ́ kí ó mọ̀ kí ó tó kọ ọ́.

Àwọn dókítà kan máa ń fi àánú kọ "ibà" dípò orúkọ àìsàn gidi. Àṣìṣe ni. Dídákẹ́ lórí orúkọ àìsàn bófin mu, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ irọ́ nínú ìwé ẹ̀rí, ó sì lè mú dókítà dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìṣègùn. Ọ̀sẹ̀ méjì fún ibà lásán tún lè mú kí ọ̀gá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè.

== Ibi tí àṣírí ti ń jò ==

Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ ìwé ni àṣírí ti ń jáde. Òǹtẹ̀ ẹ̀ka ìtọ́jú àrùn obìnrin, ti ẹ̀ka àrùn ọpọlọ tàbí ti ibi tí a ti ń gba oògùn kòkòrò éèdì ti sọ ohun gbogbo. Òǹtẹ̀ àti orí ìwé gbogbogbòò ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a lò, kí a má sì kọ oyè ìmọ̀ àkànṣe dókítà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí àrùn kan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro jù. Níbẹ̀, aláìsàn lè bẹ dókítà ìdílé tó mọ̀ nípa ìtọ́jú náà, tó sì ti ṣàyẹ̀wò fún un, pé kí ó kọ ìwé náà. Ìwé oògùn àti rìsíìtì àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ bá a lọ.

Agbanisíṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ bóyá ìwé náà kì í ṣe ayédèrú. Bí ó bá pe ilé ìwòsàn, ìdáhùn tó tọ́ ni pé ọ̀dọ̀ wọn ni ìwé náà ti wá àti pé àwọn ọjọ́ inú rẹ̀ tọ̀nà. Nítorí èyí ni ẹ̀dà kan fi ń wà nínú fáìlì aláìsàn.

Ní Jámánì, kí ó tó di ọdún 2023, fọ́ọ̀mù ni wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀dà tó máa ń lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera nígbà náà ní àmì àìsàn lára, ẹ̀dà ti agbanisíṣẹ́ kò sì ní in.