Oògùn adènà ańjìóténsìn fún àárẹ̀ ọkàn

Oògùn adènà ańjìóténsìn ni orúkọ àpapọ̀ fún ọ̀wọ́ oògùn méjì tí a fi ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn, ìyẹn ipò tí ọkàn kò ti lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara bí ó ti yẹ. Ọ̀wọ́ kìíní ni àwọn oògùn prìlì, bíi kaptóprìlì, enaláprìlì, lisínóprìlì àti ramíprìlì. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn oògùn sáàtàn, bíi lósáàtàn, fálísáàtàn àti kándísáàtàn. Ìparí orúkọ wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀ lára páálí oògùn. Ọ̀wọ́ méjèèjì ń dín ẹrù ọkàn kù, wọ́n sì ń mú kí aláìsàn pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n wọ́n lè yí iṣẹ́ kíndìnrín àti ìwọ̀n potásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ padà. Nítorí náà, a kì í lò wọ́n láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

## Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé kíndìnrín bá dín kù, kíndìnrín a tú èròjà kan tí a ń pè ní rénìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Rénìnì ni ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó ń yọrí sí ańjìóténsìn kìíní. Lẹ́yìn èyí, éńsáìmù kan tí ó pọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró a sọ ańjìóténsìn kìíní di ańjìóténsìn kejì. Ańjìóténsìn kejì yìí ni ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Òun náà ni ó ń mú kí ara tú àdósítẹ́rónù jáde, èyí tí ń dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara, tí ó sì ń lé potásíọ̀mù jáde nínú ìtọ̀.

Ètò yìí wúlò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ tàbí tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Lára ẹni tí ó ní àárẹ̀ ọkàn, ìpalára ni ó ń ṣe: ọkàn tí kò lágbára yóò máa ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan tóóró, omi yóò sì máa kún ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn oògùn prìlì ń dá éńsáìmù náà lọ́wọ́ kọ́, kí ańjìóténsìn kejì má baà pọ̀. Àwọn oògùn sáàtàn kò fọwọ́ kan éńsáìmù náà rárá. Ibi tí ańjìóténsìn kejì ti ń so mọ́ ara iṣan ni wọ́n ń dí.

## Ìtàn àti ẹ̀rí

Oró ejò jararáká ti ilẹ̀ Bùràsílì ni ó la ọ̀nà sí ìwádìí àwọn oògùn prìlì. Kaptóprìlì ni àkọ́kọ́ wọn tí a ń gbé mì. Ní ọdún 1987, àwọn oníwádìí ní ilẹ̀ Súwídìn, Nọ́wè àti Fínlándì tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde lórí aláìsàn 253 tí àárẹ̀ ọkàn wọn ti le gan-an. Láàárín oṣù mẹ́fà, ìdá 44 nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní oògùn òfìfo ni ó kú. Láàárín àwọn tí wọ́n fún ní enaláprìlì, ìdá 26 nínú 100 ni. Ẹ̀rí yìí lágbára jù lọ fún àwọn tí ọkàn wọn kì í tú ju ìdá 40 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde nígbà tí ó bá lù lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí ohun tó ń fa àárẹ̀ ọkàn. Nínú àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta láàárín ọdún 2009 sí 2010, ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa ti ìdá 78.5 nínú 100 wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo lisínóprìlì tàbí lósáàtàn fún àárẹ̀ ọkàn ní agbègbè bí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ti lè mọ orúkọ oògùn náà tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

## Ikọ́ gbígbẹ

Éńsáìmù tí àwọn oògùn prìlì ń dá dúró ní iṣẹ́ kejì: òun ni ó ń fọ́ èròjà kan tí a ń pè ní bíradíkínìnì. Nígbà tí éńsáìmù náà kò bá ṣiṣẹ́, bíradíkínìnì a pọ̀ nínú ọ̀nà èémí, ọ̀fun a máa yún aláìsàn, yóò sì máa húkọ́ láìní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ikọ́ yìí lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Dídín ìwọ̀n oògùn kù kì í sábà mú un lọ, oògùn ikọ́ kì í sì í ràn án.

Kí a tó di ẹ̀bi ru oògùn, ó yẹ kí a wo ohun méjì mìíràn. Èkíní ni àárẹ̀ ọkàn fúnra rẹ̀. Ikọ́ tí ó wá láti inú omi ẹ̀dọ̀fóró a máa le sí i nígbà tí aláìsàn bá dùbúlẹ̀. Èémí kì í tó o, ó lè nílò ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó lè sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, ara rẹ̀ a sì wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èkejì ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí àwọn kan ń pè ní ikọ́ fée. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá húkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, pàápàá tí ibà, òógùn òru tàbí rírù bá tẹ̀ lé e.

Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, dókítà a dá oògùn prìlì dúró, a sì fi oògùn sáàtàn rọ́pò rẹ̀. Ikọ́ náà sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin, bí ó tilẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta lára àwọn mìíràn. Àṣìṣe tí ó léwu ni kí aláìsàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ láìsí arọ́pò, nítorí ikọ́ lè lọ kí omi sì padà wá.

Wíwú ojú, ètè tàbí ahọ́n yàtọ̀ sí ikọ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ lára àwọn ènìyàn dúdú ju àwọn ẹlòmíràn lọ, ó sì lè dí ọ̀nà èémí. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kò sì gbọdọ̀ lo oògùn prìlì kankan mọ́ láéláé.

## Àyẹ̀wò kíndìnrín àti potásíọ̀mù

Ańjìóténsìn kejì ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ní agbára tó láti kọjá nínú asẹ́ kíndìnrín. Nígbà tí oògùn bá dí i lọ́wọ́, agbára yìí a lọ sílẹ̀ díẹ̀, kireátínìnì inú ẹ̀jẹ̀ a sì gòkè. Kireátínìnì jẹ́ ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù. Bí àdósítẹ́rónù sì ti dín kù, potásíọ̀mù kò ní jáde tó bí ti tẹ́lẹ̀. Ìgòkè díẹ̀ kì í ṣe àmì pé kíndìnrín ti bàjẹ́.

A máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí a bá fi kún ìwọ̀n oògùn. Nígbà tí ìwọ̀n bá ti dúró, oṣù mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ìlànà àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù gbà kí kireátínìnì gòkè tó ìdajì iye àkọ́kọ́, bí kò bá ti kọjá máíkírómólù 266 nínú lítà kan, kí potásíọ̀mù sì tó mílímólù 5.5 nínú lítà kan. Tí ó bá kọjá èyí, a ó wá ohun tó fà á, a ó sì dín oògùn kù sí ìdajì. Tí kireátínìnì bá di ìlọ́po méjì, a ó dá oògùn dúró. Tí potásíọ̀mù bá kọjá 6.0, ọ̀ràn pàjáwìrì ni, nítorí ó lè da ìlù ọkàn rú láìjẹ́ pé aláìsàn mọ ohunkóhun lára.

Èsì potásíọ̀mù lè parọ́. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni potásíọ̀mù pọ̀ sí. Tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ tipátipá, tí sẹ́ẹ̀lì fi fọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá dúró fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀, potásíọ̀mù a jò jáde sínú ìgò. Fíríìjì kò yanjú rẹ̀. Òtútù ń mú kí jíjò náà pọ̀ sí i. Níbi tí a ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tí mọ́tò ti ń dúró pẹ́ lọ sí yàrá àyẹ̀wò mìíràn, ó yẹ kí wọ́n ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó gbéra. Omi ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ́n jẹ́ àmì pé sẹ́ẹ̀lì ti fọ́, a sì gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò náà ṣe kíákíá.

Lára ohun tó ń ti potásíọ̀mù sókè ni spironolákítónì, oògùn Sẹ́pítírìnì àti iyọ̀ àfirọ́pò tí a fi potásíọ̀mù ṣe. Oògùn ìrora bíi ibuprófẹ́ẹ̀nì àti dàìkìlófẹ́nákì ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ kíndìnrín kù. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì náà ń gbẹ omi ara. Ó yẹ kí aláìsàn tètè bá dókítà sọ̀rọ̀ bóyá kí ó dá oògùn dúró títí ara yóò fi balẹ̀.

## Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ obìnrin ẹni ọdún 58 tí ó ń ta ẹja ní Ìkòròdú. Ọkàn rẹ̀ ń tú ìdá 30 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà ní 150 lórí 90. Kireátínìnì rẹ̀ jẹ́ 97, potásíọ̀mù 4.2. Dókítà bẹ̀rẹ̀ lisínóprìlì mílígíráàmù 5 lójúmọ́ pẹ̀lú oògùn tí ń mú ni tọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kireátínìnì di 124, potásíọ̀mù 4.8. Ìgòkè náà jẹ́ 27 lórí 97, ìyẹn bí ìdá 28 nínú 100. Kò tó ìdajì. Oògùn tẹ̀ síwájú, dókítà sì sọ ọ́ di mílígíráàmù 10. Àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e kò yí padà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ikọ́ gbígbẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, ìwọ̀n ara rẹ̀ kò lé, ó ń sùn lórí ìrọ̀rí kan, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ kò sì rí nǹkan. Wọ́n pààrọ̀ lisínóprìlì sí lósáàtàn mílígíráàmù 50 lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ikọ́ ti lọ.

Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi kireátínìnì hàn ní 168 àti potásíọ̀mù ní 5.8. Omi ẹ̀jẹ̀ náà mọ́, kò pọ́n, nítorí náà èsì náà ṣeé gbà gbọ́. Kireátínìnì ti fi ìdá 73 nínú 100 ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí dókítà bi í léèrè, ó ní orúnkún ń dun òun, òun sì ti ń lo ibuprófẹ́ẹ̀nì tí òun rà ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fi parasítámọ́ọ̀lù rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì dín lósáàtàn sí 25. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kireátínìnì padà sí 120, potásíọ̀mù sí 4.9, lósáàtàn sì padà sí 50.

## Ààlà ìlò wọn

Aboyún kò gbọdọ̀ lo èyíkéyìí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, nítorí wọ́n ń pa kíndìnrín ọmọ inú lára. A kì í sábà fún ẹnì kan ní prìlì àti sáàtàn pọ̀, nítorí ewu potásíọ̀mù àti ti kíndìnrín a pọ̀ sí i. Bí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ kíndìnrín méjèèjì bá ti há, kireátínìnì lè gòkè kíákíá lẹ́yìn tí oògùn bá bẹ̀rẹ̀. Ìgòkè bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ fi ìhá náà hàn.