Àmúlùmálà: Ọ̀rọ̀ Kan Tí Kò Tó Ohun Tí A Fi Ń Pè



Ẹ̀yin awo, ẹ̀yin ìyánífá, ẹ̀yin olólùfẹ́ àṣà tí ẹ péjọ sí Igbó Ẹfọ̀n, ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ọmọ ìjọ bá yọ́ wá dá Ifá, tàbí tí onífá bá bá ẹbí rẹ̀ ṣe ọdún Iléyá, àwọn ènìyàn a ní àmúlùmálà ni. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní ọ̀rọ̀ tiwọn, sínkírẹ́tísíìmù. Àléébù kan náà ló wà lára ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ìyìn ni ọ̀rọ̀ tiwọn yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀. Plútákì, òǹkọ̀wé Gíríìkì, fi sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará erékùṣù Kírétì, tí wọ́n máa ń pa ìjà ara wọn tì bí ọ̀tá bá ti òkèèrè dé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, àwọn àlùfáà kan ní Jámánì sọ ọ́ di èébú fún àwọn tí ó fẹ́ kí àwọn ìjọ Kristi tí ó ti pínyà tún fohùn ṣọ̀kan. Ní 1937, Hẹ́skófíìtì, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, lò ó láti ṣàlàyé bí àwọn ọmọ Adúláwọ̀ ní Bràsíìlì, Kúbà àti Àìtì ṣe so òrìṣà mọ́ àwọn ẹni mímọ́ Kátólíìkì. Kò fi bú wọn, ṣùgbọ́n òórùn èébú àtijọ́ kò kúrò lára ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn yẹn fínnífínní. Àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú dé Bàhíà ní Bràsíìlì bá ẹ̀sìn Kátólíìkì lórí àga àṣẹ. Wọ́n so Ọya mọ́ Bábárà Mímọ́, obìnrin tí àwọn Kátólíìkì ń ké pè nígbà tí àrá bá ń sán. Ní Kúbà, Bábárà kan náà ni wọ́n so mọ́ Ṣàngó. Ògún jẹ́ Àntóníò ní Bàhíà, ó jẹ́ Jọ́ọ̀jì ní Ríò, bẹ́ẹ̀ Jọ́ọ̀jì yìí ni wọ́n so mọ́ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní Bàhíà.

Ẹlùbọ́ tí ó ti di àmàlà, a kì í tún yọ omi kúrò nínú rẹ̀. Bí òrìṣà àti ẹni mímọ́ bá ti lù pọ̀ bẹ́ẹ̀, Bábárà kan ṣoṣo kì bá tí jẹ́ Ṣàngó níhìn-ín kí ó jẹ́ Ọya lọ́hùn-ún. Ìfiwéra ni wọ́n ṣe, ìlú kọ̀ọ̀kan sì fi ojú tirẹ̀ wá ìjọra.

Agbára ìjọba tún wà níbẹ̀. Títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bàhíà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ó tó lè ṣe ọdún. Ìbòjú ni ère ẹni mímọ́ jẹ́ fún ẹni tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń lé kiri. Ní 1983, nígbà tí ìpàdé àgbáyé kejì lórí òrìṣà wáyé ní Salifadọ̀, lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ tí a ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981, àwọn ìyálórìṣà márùn-ún, tí Sítẹ́là ti Òpó Àfọ̀njá wà lára wọn, fọwọ́ sí ìwé kan pé kí a ya òrìṣà kúrò lára ẹni mímọ́, nítorí oko ẹrú ni ìsopọ̀ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olórìṣà kò tẹ̀ lé wọn. Títí di òní, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, àwọn ènìyàn ń wọ aṣọ pupa lọ sí àjọ̀dún Bábárà. Ohun tí ó jẹ́ ìbòjú fún ìyá ti di ìfẹ́ fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè jẹ́ orúkọ fún méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kẹta tí a nílò ni ìyálò. Nígbà tí babaláwo bá ń gba àdúrà fún àlàáfíà, ọ̀rọ̀ méjèèjì ti inú èdè Lárúbáwá wá. Kò sẹ́ni tí ó ní ó ti di ìmàle. Ifá pàápàá mọ ìmàle, Òtúrá Méjì ni a sì máa ń so ìtàn wọn mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni àkójọ. Ní Èkó yìí, àwọn ìjọ kan wà tí ń lo Bíbélì àti Kùránì pọ̀, tí a ń pè ní Kírísíláàmù. Jánsìn, onímọ̀ tí ó gbé ìwé jáde lé wọn lórí ní 2021, kọ ọ̀rọ̀ sínkírẹ́tísíìmù sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà gbà pé ẹ̀sìn méjì tí ó mọ́ gaara, tí ààlà wọn pé, ló wà tẹ́lẹ̀ kí ẹnìkan tó dà wọ́n pọ̀. Àwọn tí ń ṣe é kò rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kó ohun tí ó lágbára jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni.

Nítorí náà, kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní alámùúlùmálà, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló so wọ́n pọ̀? Agbára wo ló wà lórí rẹ̀ nígbà náà? Ṣé ó ṣì ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ọkàn rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò sọ bóyá ìbòjú ni, tàbí ìfiwéra, tàbí ìyálò, tàbí àkójọ. Nígbà mìíràn, méjì nínú wọn yóò wà nínú ilé kan náà, a ó sì sọ méjèèjì. Babaláwo kì í kí Odù kí ó tó ka ojú ọpọ́n tán.