Èròjà apààlà

Nínú ìmọ̀ kẹ́mísìrì, èròjà apààlà ni èròjà tí ó kọ́kọ́ tán nígbà tí èròjà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń dàpọ̀ láti di ohun mìíràn. Bí ó bá ti tán, ìyípadà náà dúró, bí èròjà kejì tilẹ̀ kù rẹpẹtẹ. Òun ni ó ń pààlà fún iye àmújáde tí a lè rí. Èyí tí apá kan rẹ̀ kù sílẹ̀ ni à ń pè ní èròjà àṣẹ́kù.

A kì í fi ìwúwo lórí òṣùwọ̀n mọ èròjà apààlà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ èyí tí móòlù rẹ̀ kéré jù. Àṣìṣe kejì yìí ni ó máa ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù. Alùpùpù kan ń lo táyà méjì. Bí mẹkáníìkì bá ní táyà mẹ́rin àti férémù mẹ́ta, férémù ni ó kéré ní iye, ṣùgbọ́n táyà ni yóò kọ́kọ́ tán. Alùpùpù méjì péré ni yóò jáde, férémù kan yóò sì ṣẹ́ kù.

Móòlù

Átọ́ọ̀mù àti mólékù kéré ju ohun tí a lè máa kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, nítorí náà a ń kó wọn jọ ní móòlù. Láti ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni a ti fi òǹkà kan pàtó túmọ̀ móòlù kan: 6.02214076 × 10²³ ẹyọ. Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, òṣùwọ̀n ni a fi ń dé ibẹ̀. A ó pín ìwúwo ohun náà (ní gíráàmù, g) pẹ̀lú ìwúwo móòlù rẹ̀ kan (gíráàmù fún móòlù kan, g/mol). Gíráàmù yóò pa gíráàmù rẹ́, móòlù (mol) nìkan ni yóò sì kù. Bí ẹyọ tí ó kù ní ìparí kì í bá ṣe mol, a jẹ́ pé a ti gbé ìpín náà sódì.

Àpẹẹrẹ: ṣíṣe yúríà

Yúríà ni ajílẹ̀ funfun oníhóró tí àwọn àgbẹ̀ ń fi sí ìdí àgbàdo, ní Odò-Ọwá àti Ìlọ́fà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbòmíràn. Ilé iṣẹ́ Dangote tí a ṣí ní Lẹ́kí, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní oṣù Kẹta ọdún 2022 wà lára àwọn tí ó ń ṣe é ní Nàìjíríà. Amóníà àti kábọ́ọ̀nù dayọ́ksaidi ni a fi ń ṣe é:

2NH₃ + CO₂ → CO(NH₂)₂ + H₂O

Ìbéèrè tí ó sábà máa ń wà nínú ìwé ìdánrawò lórí rẹ̀ rí báyìí: a da 68 g amóníà pọ̀ mọ́ 110 g kábọ́ọ̀nù dayọ́ksaidi. Èwo ni èròjà apààlà? Gíráàmù yúríà mélòó ni ó lè jáde, kí ni yóò sì ṣẹ́ kù? (N = 14, H = 1, C = 12, O = 16.)

Ìwúwo móòlù amóníà kan jẹ́ 14 + 3 = 17 g/mol. Ti kábọ́ọ̀nù dayọ́ksaidi jẹ́ 12 + 32 = 44 g/mol. Nítorí náà:

68 g ÷ 17 g/mol = 4 mol NH₃
110 g ÷ 44 g/mol = 2.5 mol CO₂

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kù gìrì kọ CO₂ sílẹ̀ nìyí, nítorí pé 2.5 kéré sí 4. Ṣùgbọ́n ìdọ́gba òkè yìí sọ pé móòlù amóníà méjì ni ó ń bá móòlù CO₂ kan lọ. Láti lo 2.5 mol CO₂ tán, a nílò 5 mol amóníà, ìyẹn 85 g, bẹ́ẹ̀ 68 g ni a ní. Amóníà kò tó, nítorí náà òun ni èròjà apààlà.

Láti ibí lọ, amóníà nìkan ni a ó fi ṣírò. 4 mol rẹ̀ yóò lo 2 mol CO₂, yóò sì fún wa ní 2 mol yúríà àti 2 mol omi. Ìwúwo móòlù yúríà kan jẹ́ 60 g/mol, nítorí náà 120 g yúríà ni yóò jáde. Omi yóò jẹ́ 36 g. CO₂ tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ 0.5 mol, ìyẹn 22 g.

Ó yẹ kí a yẹ iṣẹ́ náà wò kí a tó fi sílẹ̀. Ohun tí a kó wọlé jẹ́ 68 + 110 = 178 g. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ní ìparí jẹ́ 120 + 36 + 22 = 178 g. Kò sí ohun tí ó sọnù.

Nígbà tí ìwé ìdánrawò bá jẹ́ fọ́tò

Fọ́tò orí fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pín ìwé ìdánrawò fún ara wọn báyìí, òjìji ọwọ́ tàbí ìpá bébà sì lè gbé nọ́ńbà kan mì. Ká ní 2 tí ó wà níwájú NH₃ ni kò hàn. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ni NH₃ + CO₂ → CO(NH₂)₂ + H₂O. Yóò rò pé móòlù kan ni ó ń bá móòlù kan lọ, CO₂ yóò di èròjà apààlà lójú rẹ̀, yúríà yóò sì di 2.5 mol, ìyẹn 150 g. Ìṣirò rẹ̀ mọ́, ẹyọ rẹ̀ pé, ìdáhùn kò sì tọ̀nà.

Kíka átọ́ọ̀mù máa ń tú àṣírí rẹ̀: náítírójìn kan ṣoṣo ni ó wà ní apá òsì, méjì sì wà ní apá ọ̀tún. Bí ó bá fo èyí dá, ìwúwo yóò mú un. 2.5 mol amóníà (42.5 g) àti 110 g CO₂ jẹ́ 152.5 g, ṣùgbọ́n 150 g yúríà àti 45 g omi jẹ́ 195 g. Ohun tí ó jáde kò lè wúwo ju ohun tí ó wọlé lọ. Nọ́ńbà tí ó wà níwájú ni a lè dá padà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ inú àmì kẹ́míkà ni a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, nítorí pé ìyẹn yóò sọ nǹkan náà di nǹkan mìíràn.

Àmì ìdá tí ó parẹ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí 11.0 g bá di 110 g nínú fọ́tò, ìdọ́gba kò lè sọ fún wa, ìwúwo yóò sì bára mu láìsí ìṣòro. Bébà gan-an ni a ó padà lọ wò.

Ní ilé iṣẹ́

120 g tí a rí lókè ni iye tí ó pọ̀ jù tí ó lè jáde lórí bébà. Ní ti gidi, ìpele méjì ni ìyípadà náà ń gbà. Amóníà àti CO₂ a kọ́kọ́ di amóníọ́ọ̀mù kábámétì, èyí yóò sì tú omi sílẹ̀ kí ó tó di yúríà. Ìpele kejì yìí lè yí padà sẹ́yìn, kì í sì í parí. Nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ń kó amóníà wọlé ju bí ìdọ́gba ti béèrè lọ, nǹkan bí móòlù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún móòlù CO₂ kan, kí ó lè ti ìyípadà náà síwájú. CO₂ ni èròjà apààlà níbẹ̀, òdìkejì ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìbéèrè wa, amóníà tí ó bá sì ṣẹ́ kù ni a ń gbá jọ padà sínú ẹ̀rọ.