Lẹ́tà Méje inú Nẹ́tíbọ́ọ̀lù àti Ibi tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Lè Dé

Nẹ́tíbọ́ọ̀lù jẹ́ eré bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá tí ẹgbẹ́ méjì máa ń gbá, eléré méje ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin ló ń gbá a jù, pàápàá ní Ọsirélíà, Niu Sílándì, Jàmáíkà, Gúúsù Áfíríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú básíkẹ́ẹ̀tì ló ti jáde, ṣùgbọ́n òfin kan yà á sọ́tọ̀: kò sí ẹnì kan nínú àwọn méjèèje tó lè rìn káàkiri gbogbo pápá. Lẹ́tà tó wà ní àyà àti ẹ̀yìn eléré ni ìwé àṣẹ rẹ̀. Òun ló ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀, ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé, àti bóyá ó láṣẹ láti ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n.

Pápá àti àwọn ìlà rẹ̀

Gígùn pápá jẹ́ mítà 30.5, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 15.25. Ìlà méjì tó gba ìbú rẹ̀ kọjá pín in sí abala mẹ́ta tó dọ́gba. Èyí tó wà láàrin ni abala àárín, àwọn méjì tó kù sì ni abala góòlù, ọ̀kan ní orí pápá níhìn-ín, ọ̀kan ní orí pápá lọ́hùn-ún. Nínú abala góòlù kọ̀ọ̀kan, a fa ìlà kan tó tẹ̀ kọrọdọ yí ìdí òpó ká bí ìdajì òṣùpá, mítà 4.9 sì ni láti àárín ìlà ẹ̀yìn dé etí rẹ̀. Inú ibẹ̀ ni agbo góòlù. Òpó náà ga ní mítà 3.05, òrùka irin àti àwọ̀n sì wà lórí rẹ̀ láìsí pákó kankan lẹ́yìn. Agbo kékeré kan tún wà ní àárín gbùngbùn pápá, níbi tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá rìn láti òpó kan dé èkejì yóò la ibi márùn-ún kọjá: agbo góòlù, ìyókù abala góòlù, abala àárín, abala góòlù kejì, àti agbo tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n bí yàrá márùn-ún tó tẹ̀ léra. Lẹ́tà ni kọ́kọ́rọ́ wọn.

Àwọn lẹ́tà náà

Eléré kọ̀ọ̀kan máa ń wọ lẹ́tà rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn, lókè ìbàdí. Nígbà púpọ̀, orí aṣọ àwọ̀lékè aláìlápá kan tí wọ́n ń pè ní bíìbù ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Gíga lẹ́tà náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, kí rẹfirí lè kà á láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́tà A ń tọ́ka sí ẹni tó ń gbógun lọ sí òpó tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá góòlù. D jẹ́ ti ẹni tó ń dènà. G jẹ́ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dé ìdí góòlù, W sì jẹ́ ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, tí kì í wọ agbo.

- GS, Góòlù Ṣútà: agbo tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá góòlù àti abala góòlù tó yí i ká. Kò gbọ́dọ̀ bọ́ sí abala àárín.
- GA, Góòlù Àtáàkì: gbogbo ibi tí GS lè dé, àti abala àárín. Òun àti GS nìkan ló lè ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, inú agbo ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó jù ú.
- WA, Wíǹgì Àtáàkì: abala àárín àti abala góòlù ti iwájú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ agbo.
- C, Sẹ́ńtà: abala mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi agbo méjèèjì.
- WD, Wíǹgì Dìfẹ́ńsì: abala àárín àti abala góòlù ti ẹ̀yìn, láìwọ agbo.
- GD, Góòlù Dìfẹ́ńsì: abala àárín, abala góòlù ti ẹ̀yìn, àti agbo inú rẹ̀.
- GK, Góòlù Kípà: abala góòlù ti ẹ̀yìn àti agbo inú rẹ̀ nìkan.

Ẹni tó bá wo àkójọ yìí dáadáa yóò rí i pé ìdajì rẹ̀ ni òjìji ìdajì kejì. GK alátakò ló ń kojú GS, GD ń kojú GA, WD ń kojú WA, C méjèèjì sì ń kojú ara wọn. Ibikíbi tí ọ̀kan bá lè dé, alátakò rẹ̀ náà lè dé ibẹ̀.

Ìdí nìyí tí iye wọn fi máa ń dọ́gba ní gbogbo yàrá. Nínú agbo góòlù, GS àti GA ni agbógun, GK àti GD sì ni adènà: méjì sí méjì. Ní ìyókù abala góòlù, WA àti C kún àwọn agbógun, WD àti C kejì sì kún àwọn adènà: mẹ́rin sí mẹ́rin. Ní abala àárín, márùn-ún láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló láṣẹ, nítorí pé GS àti GK nìkan ni kò lè dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi eléré mẹ́ta há GS alátakò mọ́ inú agbo kò lè rí i ṣe. Ẹni kẹta tó bá wọlé ti rú òfin.

Ìrìn bọ́ọ̀lù kan láti sẹ́ńtà dé àwọ̀n

Ká ní ẹgbẹ́ pupa ń gbá pẹ̀lú ẹgbẹ́ búlúù, tí pupa sì ni yóò bẹ̀rẹ̀. C pupa dúró nínú agbo kékeré àárín pẹ̀lú bọ́ọ̀lù. C búlúù lè wà nítòsí rẹ̀ ní abala àárín. Àwọn méjìlá tó kù gbọ́dọ̀ wà nínú abala góòlù títí fèrè yóò fi dún. Lẹ́yìn ìlà ni WA àti GA pupa ń dúró, WD àti GD búlúù sì fẹ̀gbẹ́ kàn wọ́n.

Bí fèrè bá ti dún, àwọn mẹ́rin yìí á rọ́ wọ abala àárín. C kò gbọ́dọ̀ di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, inú abala àárín sì ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti gba pásì àkọ́kọ́ yìí tàbí kí ó fọwọ́ kàn án. WA pupa gbà á. Ó jù ú sí GA tó ti yí padà sí abala góòlù, C náà sì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. GA dá a padà fún C ní etí agbo.

Ibí yìí ni iṣẹ́ ti le jù. C dúró, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìlà agbo gan-an. Kò tíì ṣẹ̀, nítorí pé ìlà jẹ́ ti yàrá méjèèjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ó na ọwọ́ wọ inú agbo, ó sì ju bọ́ọ̀lù sí GS kọjá orí GK. Èyí náà dára, nítorí pé ilẹ̀ ni òfin ń wò. Apá lè kọjá ààlà nínú afẹ́fẹ́, bí ara kò bá ṣáà ti kan ilẹ̀ òdìkejì. GK búlúù sún sẹ́yìn títí ó fi jìnnà tó mítà 0.9 sí ẹsẹ̀ GS, ó wá na ọwọ́ sókè láti dènà. GS ju bọ́ọ̀lù, ó sì wọlé.

Ẹ jẹ́ ká dá a padà díẹ̀. Ká ní bí C ṣe ju bọ́ọ̀lù náà, eré tó ti sá bọ̀ tì í síwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì tẹ ilẹ̀ inú agbo. Fèrè dún: ọfúsáìdì. Rẹfirí kò ní ka góòlù náà sí, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ C ti kúrò lára bọ́ọ̀lù, nítorí pé ẹni tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ náà lè ṣe ọfúsáìdì. Búlúù yóò gba pásì ọ̀fẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀. Inú agbo sì ni ibẹ̀, nítorí náà GK tàbí GD búlúù nìkan ló lè gbá a. C búlúù kò lè bá wọn gbá a, torí pé òun náà kò láṣẹ níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìṣe

Rẹfirí méjì ló ń darí eré, ọ̀kan ń ṣọ́ ìdajì pápá kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wò nítòsí ìlà, nítorí pé ojú tó bá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù nìkan kò ní rí ọfúsáìdì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ GK ni kí ó fò láti já bọ́ọ̀lù gbà nítòsí ìlà abala àárín, kí ó gbà á mọ́ra lókè, kí ó sì balẹ̀ sí òdìkejì. Afẹ́fẹ́ kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ibi tó balẹ̀ sí ti sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá balẹ̀ sí ibi tó tọ́, tí èkejì wá tẹ òdìkejì, ọfúsáìdì náà ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fò gba ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n lè balẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìlà dípò kí wọ́n kọjá rẹ̀.

Àṣìṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Ìdá mẹ́rin, ìṣẹ́jú 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, ni eré pín sí, ẹgbẹ́ méjèèjì sì máa ń pààrọ̀ òpó lẹ́yìn ìdá kọ̀ọ̀kan. GD tó bá gbàgbé pé àwọn ti pààrọ̀ lè sáré wọ abala tó jẹ́ tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, tí kì í sì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ibi tí òfin yìí ti wá

Ní 1892, Senda Berenson, olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Smith ní Amẹ́ríkà, mú básíkẹ́ẹ̀tì tí James Naismith dá sílẹ̀, ó sì pín pápá rẹ̀ sí mẹ́ta fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, kí oníkálukú dúró sí abala tirẹ̀. Nígbà tí eré náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di nẹ́tíbọ́ọ̀lù, wọ́n sì tẹ òfin rẹ̀ jáde ní 1901. Ibi tó dé ló ti ní òfin tirẹ̀. Eléré mẹ́sàn-án ni wọ́n ń lò ní Niu Sílándì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Kòlóḿbò ní 1960 ló so òfin pọ̀ ṣọ̀kan, tí ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fi lè wáyé ní Eastbourne ní 1963.

Ẹni tó bá wo ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí yóò rí Funmi Fadoju, tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tó sì wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ipò kejì níbi Ife Àgbáyé 2023 ní Kéépù Táùn. Adènà ni, ó sì máa ń wọ GK tàbí GD. Nígbà ìsinmi láàrin ìdá eré, kóòṣì lè ní kí ó bọ́ ọ̀kan kí ó wọ èkejì. Ara kan náà ni, fífò kan náà ni, ṣùgbọ́n ní kété tí K bá di D láyà rẹ̀, abala àárín ti ṣí sílẹ̀ fún un, bọ́ọ̀lù tí ì bá ti fi sílẹ̀ nítorí ìlà sì ti di èyí tó lè lé dé òdìkejì.